Ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù: kí ni rikúrútà fẹ́ gbọ́ gan-an?

Ọmọ Fọlágbádé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni rikúrútà, ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, ti pè mí lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n fi ímeèlì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọ́n á ní kí n fi ìṣẹ́jú méjì sọ díẹ̀ nípa ara mi, màá sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní kí ló dé tó jẹ́ iléeṣẹ́ àwọn ni mo fẹ́, màá ní torí pé iléeṣẹ́ ńlá ni. Òmíràn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ bákéǹdì ni, ọdún mẹ́ta ni mo ti wà nídìí kóòdù. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

---

Jagunjagun Kóòdù

Ọ̀rẹ́, kóòdù ni kó o lọ kà. Gbogbo ariwo "sọ nípa ara rẹ" yẹn, wọ́n kàn fi ń mú ẹnu gbóná ni. Bákéǹdì lo ní, àbí? Bí o bá lè ṣàlàyé ìlà kan ṣoṣo yìí fún wọn, ìwọ ni wọ́n á mú:

```sql
ALTER TABLE isanwo ADD CONSTRAINT eekan UNIQUE (nomba_isanwo);
```

---

Màmá Máàkún, Ṣágámù

Jagunjagun, intafíù kẹta lò ń dáhùn, ti àkọ́kọ́ ni ọmọ yìí ń béèrè. Tó o bá ka ìlà yẹn sí mi létí lórí fóònù, màá ní "ó dáa", màá sì máa wo aago.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń pe àwọn difẹ́lọ́pà fún iléeṣẹ́ kan ní Èkó, láti inú pálọ̀ mi níbí ní Ṣágámù. Èmi kì í kọ kóòdù, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níwájú mi nígbà tí mo bá pè yín, torí mo ti rí i pé àwọn èèyàn rò pé adájọ́ ló wà lẹ́yìn fóònù.

Fọ́ọ̀mù ló wà níwájú mi. Àyè mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀: iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí, apá ibo nínú rẹ̀ ló bá ohun tí a ń wá mu, kí ló dé tó o fẹ́ wá, èló lo fẹ́, ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀, níbo lò ń gbé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àyè tí mo ti máa kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sí ọ̀gá àwọn difẹ́lọ́pà. Ọ̀gá yẹn kò gbọ́ ohùn rẹ, kò sì mọ̀ bóyá o rẹ́rìn-ín tàbí o wúkọ́. Ohun tí mo bá kọ ni yóò kà, òun ni yóò fi pinnu bóyá òun fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, àbúrò mi, ìṣòro rẹ kì í ṣe pé o ò mọ iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pè ọ́ má rí ohun tí yóò kọ. Fóònù náà kì í ju ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, èmi sì lè pe èèyàn mẹ́fà lóòjọ́. Nígbà tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìkan ni mo máa ń rántí.

Ohun tó o máa ń sọ fún wọn, kọ ọ́ síbí bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Má ṣe tún un ṣe.

---

Gáfárà Ìkẹ́nnẹ́

Ohun tí Màmá sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ gùn. Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ́ ọ sórí bí Sáàmù, kà á fún ìyàwó rẹ tàbí àbúrò rẹ ní ogún ìgbà. Bó ṣe ṣiṣẹ́ fún mi nìyẹn. Àkọ́sórí kì í jẹ́ kí ẹnu wọ́.

Nípa aago, má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọ̀kan náà ni aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa.

---

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó

Àwọn rikúrútà tí kì í bá èèyàn dá àsìkò kí wọ́n tó pè ni kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Orí ọ̀kadà ni mo wà láàárín Orù-Ìjẹ̀bú sí Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí tèmi pè. Mo rò pé àwọn tó fẹ́ yá mi lówó ni, mo fẹ́ẹ̀ bú wọn. Ìgbà tó sọ orúkọ iléeṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ara mi lórí ọ̀kadà níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ọlọ́kadà ń fọnfèrè. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju "mi ò gbọ́ yín". Ọjọ́ yẹn ni wọ́n já mi sílẹ̀.

---

Màmá Máàkún

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ fún un pé ẹ wà lójú ọ̀nà, kí ó jọ̀ọ́ tún pè ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Mi ò tíì yọ ẹnì kan kúrò lórí àtẹ torí ìyẹn rí. Ẹni tó fipá sọ̀rọ̀ nínú ariwo ló ń ba tirẹ̀ jẹ́.

Gáfárà, lórí àkọ́sórí, apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ jóòótọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn ni kí èèyàn mọ̀ lórí. Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ lo kọ́ sórí, etí máa ń mọ̀ ọ́n: ohùn á máa lọ gbọọrọ láìsí ibi tó ti mí, ẹni náà kò sì ní lè dúró bí mo bá bi í ní ìbéèrè láàárín. Mo bi ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan pé "èèyàn mélòó lẹ jọ ń ṣe é?" Ó dákẹ́, ó ní "ẹ má bínú", ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀pẹ̀.

---

Àbúrò Òdógbolú

Ẹ̀gbọ́n Gáfárà, ẹ má bínú o, aago wọn kì í ṣe ọ̀kan náà lásìkò yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ló máa ń bá tiwa mu. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ó di Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta kí wọ́n tó tún un sún síwájú. Oṣù kọkànlá la wà yìí. Aago mẹ́wàá wọn, aago mọ́kànlá tiwa ni. Ọmọ Fọlágbádé, ìwọ náà kọ ọ́ sínú ímeèlì tó o fi dá wọn lóhùn: "aago mẹ́wàá Lọ́ńdọ̀nù, mọ́kànlá Nàìjíríà". Tí wọ́n bá ti ṣì í, wọ́n á sọ.

---

Gáfárà Ìkẹ́nnẹ́

Ó dáa, mo gbà. Oṣù keje ni tèmi.

---

Ọmọ Fọlágbádé

Ẹ ṣé o, aago mẹ́wàá ni ǹ bá jókòó sídìí fóònù! Màmá, ohun tí mo máa ń sọ nìyí. Òyìnbó la máa ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n yí i sí Yorùbá:

"Wọ́n bí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni mo ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Mo lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo kà. Mo sin ìlú ní Bẹ́núè. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀rọ, mo máa ń tú rédíò bàbá mi. Mo mọ Python, Django, PostgreSQL, Redis, Docker, JavaScript, mo sì ń kọ́ Go. Lọ́wọ́lọ́wọ́, mo wà níbi tí a ti ń ṣe ètò tí àwọn iléèwé fi ń gba owó. Mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, mo sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀."

---

Màmá Máàkún

O ṣé tí o ò tún un ṣe.

Láti ìgbà tí wọ́n bí ọ dé Bẹ́núè, mi ò tíì rí nǹkan kan kọ. Rédíò bàbá rẹ dùn, ṣùgbọ́n gbogbo difẹ́lọ́pà tí mo pè ló tú rédíò bàbá rẹ̀. Orúkọ ohun èlò méje tò tẹ̀ léra, wọ́n ti wà nínú sífíì rẹ, ó sì wà níwájú mi. Ọ̀kan ṣoṣo tó ní ìtumọ̀ ni ètò owó iléèwé, o sì fò ó kọjá bí ẹni fo ọ̀gbàrá.

Dá mi lóhùn: iléèwé mélòó? Ẹ̀yin mélòó lẹ ń kọ ọ́? Apá ibo ló wà lọ́wọ́ rẹ fúnra rẹ? Kí ló bàjẹ́ tí ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ tún ṣe?

---

Ọmọ Fọlágbádé

Iléèwé mẹ́rìnlá, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti Ṣágámù. Àwa mẹ́ta la ń kọ ọ́. Ibi tí owó ti ń wọlé ló wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tó bàjẹ́ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ẹ̀ lé mi kúrò níṣẹ́ ni ti owó ẹ̀ẹ̀mejì. Bí òbí bá sanwó, báńkì á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tí a kò tètè dáhùn, báńkì á tún ìròyìn kan náà fi ránṣẹ́. Ètò wa á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òbí náà san ẹ̀ẹ̀mejì. Akọ̀wé owó iléèwé kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ máa ń pè mí ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé: "Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, Ìyá Ṣadé ní òun ò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́ta lòun san." Mo wá fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí nọ́ńbà kan bá ti wọlé rí, ètò ò ní gba èkejì. Láti taámù méjì sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó tún pè.

Ṣùgbọ́n Màmá, nǹkan kékeré nìyẹn kẹ̀. Ìlà kóòdù kan ni. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ èyí tí Jagunjagun kọ sókè yẹn.

---

Jagunjagun Kóòdù

Ṣé ẹ rí i?

---

Màmá Máàkún

Ìwọ Jagunjagun, dúró ná.

Àbúrò mi, ohun tó o pè ní kékeré yẹn lèmi ì bá kọ: "Òun ló ni apá owó nínú ètò tí iléèwé mẹ́rìnlá ń lò, ó dá owó tó ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì dúró, taámù méjì láìsí ẹjọ́." Ọ̀gá difẹ́lọ́pà tó bá ka ìyẹn á fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é. Kò sí ọ̀gá tó máa ka "ó ń ṣiṣẹ́ kára" kó fẹ́ mọ nǹkan kan.

Mo gbìyànjú láti tò ó fún ọ, fi ẹnu ara rẹ tún un sọ:

"Difẹ́lọ́pà bákéǹdì ni mí, ọdún mẹ́ta rèé, Python ni mo ń lò jù. Àwa mẹ́ta la ń kọ ètò tí iléèwé mẹ́rìnlá fi ń gba owó, apá ibi tí owó ti ń wọlé ló wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo dé, bí báńkì bá fi ìròyìn kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ètò wa á ka owó kan sí méjì, àwọn òbí á sì máa bínú. Mo ṣe é kí ètò lè dá ìsanwó tó ti rí mọ̀, kí ó má tún un kà. Taámù méjì nìyí, a ò tíì gba ẹjọ́ kankan lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń wá báyìí ni ibi tí owó tó ń kọjá ti pọ̀ ju tiwa lọ, tí màá ti bá àwọn tó ti ṣe é pẹ́ ṣiṣẹ́."

Báyìí, ìgbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ibi tó o wà, ohun tó o ṣe, ibi tó o ń lọ. Yunifásítì kò sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á béèrè.

Fi fóònù rẹ gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ bó o ṣe ń sọ ọ́ ní Òyìnbó. Bí èèyàn bá ń sọ Òyìnbó láìsáré, nǹkan bí àádóje sí àádọ́jọ ọ̀rọ̀ ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà èyí kò ní pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Má wá nǹkan fi kún un. Ìṣẹ́jú méjì kì í ṣe kóńgò gàrí Òkè-Ajé tó gbọ́dọ̀ ga ṣóńṣó kí oníbàárà tó gbà pé ó kún. Àyè tó ṣẹ́ kù, rikúrútà ló ni ín, òun ló máa fi bi ọ́ ní ìbéèrè. Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà wá. Nígbà tó o bá gbọ́ ohùn ara rẹ, wàá mọ̀ bóyá o dúró mí lẹ́yìn "taámù méjì".

---

Bọ̀dá Ìlíṣàn

Mo ti ń ka ìjíròrò yín láti àárọ̀, mo sì ní ẹjọ́. Apá èkejì ni mo fẹ́ dá sí, ìyẹn "kí ló dé tó o fẹ́ iléeṣẹ́ wa". Owó ni! Gbogbo wa la mọ̀ pé owó ni. Iléeṣẹ́ fẹ́ ẹni tó máa ṣiṣẹ́, mo fẹ́ owó, kí ló wá ku? Ẹ̀yin rikúrútà lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní irọ́. Wọ́n á lọ ka ojú ìwé iléeṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á wá máa sọ pé àtìgbà tí wọ́n ti wà nínú oyún ni wọ́n ti fẹ́ràn iléeṣẹ́ náà.

---

Màmá Máàkún

Bọ̀dá, mi ò bá yín jà. Owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fọ́ọ̀mù mi: owó ní àyè tirẹ̀, mo ṣì máa béèrè. Tí ẹ bá fi owó dáhùn ìbéèrè kẹta, àyè kẹta á ṣófo, àyè kẹrin á sì ní ìdáhùn méjì. Ẹlòmíì tí mo pè lọ́jọ́ kan náà ti fi nǹkan sí méjèèjì.

Ohun tí mo sì ń wá níbẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́. Ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù: pé ẹni yìí ti kọ̀wé sí ibi ọgọ́rùn-ún, kò tiẹ̀ rántí èwo ni tiwa, àti pé tí a bá mú un dé intafíù kẹrin tán, ó máa sá lọ síbòmíì. Ìdáhùn rere ló máa jẹ́ kí n gbà pé ó ka ohun tí a kọ.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò rọrùn. Mo máa ń fi orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn bọ inú ìdáhùn náà. Tó bá ṣì bá a mu, kò sọ nǹkan kan. "Iléeṣẹ́ ńlá ni yín, ẹ ń dàgbà, mo fẹ́ bá yín dàgbà." Fi orúkọ báńkì tàbí ilé búrẹ́dì sí i, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

---

Bọ̀dá Ìlíṣàn

Ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà. Kò sí ẹni tó bi bíríkìlà pé kí ló dé tó fẹ́ràn ilé tó fẹ́ mọ.

---

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó

Wọ́n ń bi bíríkìlà ní Ìjẹ̀bú-Igbó o. Ẹ má dá wa lóhùn.

---

Ọmọ Fọlágbádé

Màmá, kí ni kí n wá sọ nípa ti Ọjọ́bọ̀? Ètò tí àwọn oníṣòwò kékeré fi ń gba owó láti orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ń ṣe. Mo ti ka ojú ìwé "Nípa Wa" wọn. Gbogbo rẹ̀ ni "a ń yí ayé padà".

---

Màmá Máàkún

Kúrò lójú ìwé yẹn, gbogbo ayé ló kà á. Fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń ṣe. Tí wọ́n bá ní ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn difẹ́lọ́pà, ṣí i. Tí wọ́n bá ní àyè ìdánwò tí kò gba owó gidi, wọlé síbẹ̀, ṣe nǹkan kan níbẹ̀ tó bá iṣẹ́ tìrẹ mu. Wákàtí kan ti tó. Lẹ́yìn náà, padà lọ ka ìpolówó iṣẹ́ náà, kí o mú gbólóhùn kan níbẹ̀ tó kan ohun tó o ti ṣe rí.

---

Ọmọ Fọlágbádé

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí! Wọ́n ní àyè ìdánwò. Mo fi ìsanwó kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi nọ́ńbà kan náà sínú `Idempotency-Key` lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni wọ́n dá padà fún mi nígbà kejì, wọn ò dá ìsanwó tuntun. Mo wá yí iye owó padà, mo jẹ́ kí nọ́ńbà wà bó ṣe wà, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Tiwa kì í kọ ìyẹn! Mi ò tiẹ̀ ronú kàn án rí. Mo dìde nílẹ̀ mo lọ tún tiwa ṣe lálẹ́ àná.

---

Màmá Máàkún

Ṣé o ń gbọ́ ohùn ara rẹ báyìí? Ìdáhùn rẹ nìyẹn. Mú ọ̀rọ̀ `Idempotency-Key` kúrò bó bá jẹ́ irú mi ló pè ọ́, kí o sọ pé: "Mo dán ètò yín wò lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi owó kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò kà á sí méjì. Mo yí iye rẹ̀ padà, ó kọ̀ ọ́. Ìṣòro tí mo ń bá jà fún iléèwé mẹ́rìnlá nìyẹn, ẹ̀yin ń ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìpolówó yín sì ní ẹni náà máa ṣiṣẹ́ lórí ìsanwó. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn." Ìdajì ìṣẹ́jú. Bọ̀dá Ìlíṣàn, ẹ bá mi wá irọ́ inú ìyẹn.

---

Bọ̀dá Ìlíṣàn

Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ pé owó ló ń wá, ó kàn rí nǹkan míì sọ. Mo dúró lórí tèmi.

---

Àbúrò Òdógbolú

Owó tẹ́ ẹ ń pè yìí gan-an, báwo lèèyàn ṣe ń dáhùn? Wọ́n bi mí, mo ní "ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní", obìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

---

Gáfárà Ìkẹ́nnẹ́

Má ṣe kọ́kọ́ dárúkọ iye láé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló pàdánù.

---

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó

Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ, mo sì gba ju ohun tí mo dárúkọ lọ. Ibi tí mo ti ṣe ara mi ni ìgbà kan tí mo dárúkọ iye láìsọ pé lóṣù ni. Iléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kan ni, ọdún ni wọ́n fi ń ka owó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye yẹn ni mo fẹ́ lọ́dún. Ìgbà tí lẹ́tà dé, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń bá mi ṣe. Oṣù kan la fi tú u.

---

Màmá Máàkún

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá béèrè, bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé èló sí èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ipò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sọ, torí ó ń dín àsìkò tí à ń fi ṣòfò kù. Tí òun bá tẹnu mọ́ ọn, sọ láti ibi kan dé ibi kan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tó o lè gbà láìsunkún, kí o wá so nǹkan mẹ́ta mọ́ ọn: owó ìlú wo, oṣù tàbí ọdún, ṣáájú owó orí tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Fún iléeṣẹ́ òkèèrè, béèrè pẹ̀lú bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa pè ọ́ tàbí agbaṣẹ́ṣe, torí agbaṣẹ́ṣe ló ń san owó orí ara rẹ̀.

Gáfárà, àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí wọn kì í sọ tiwọn rárá. Bí o bá ṣorí kunkun níbẹ̀, "kò dáhùn" ni wọ́n máa kọ sí àyè kẹrin.

---

Gáfárà Ìkẹ́nnẹ́

Èmi ò ní dárúkọ ṣá.

---

Ọmọ Fọlágbádé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé láti Ọjọ́bọ̀.

Wọn ò bi mí ní "sọ nípa ara rẹ" o! Rikúrútà náà ní kí n mú òun la sífíì mi já. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti yunifásítì, mo wá rántí pé fọ́ọ̀mù kan náà ló wà níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ tí mo wà báyìí. Bí mo ṣe dé "àwọn òbí á sì máa bínú", nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo ti fi nọ́ńbà kejì sínú ímeèlì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyẹn ló fi pè mí padà, ó ní "àwọn òbí ń bínú, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ìyẹn nìkan ti mú ọkàn mi balẹ̀.

Ó béèrè bóyá mo lè wá sí Lọ́ńdọ̀nù, mo ní rárá, Ìjẹ̀bú-Òde ni màá ti máa ṣe é gẹ́gẹ́ bí agbaṣẹ́ṣe, àti pé oṣù kan ni mo gbọ́dọ̀ fún ibi tí mo wà kí n tó lọ. Ó ní kò burú. Lórí owó, mo béèrè tiwọn, kò sọ, mo sọ tèmi lọ́dún ṣáájú owó orí. Mi ò mọ̀ bóyá mo kéré jù. Ó ní "ó dáa" kíákíá, ìyẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Nígbà tí mo sọ ti ìdánwò owó ẹ̀ẹ̀mejì, mo gbọ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọ̀gá àwọn difẹ́lọ́pà fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti pé ó máa fẹ́ gbọ́ nípa ìyẹn gan-an.

---

Màmá Máàkún

"Ó dáa" kíákíá lè jẹ́ pé o kéré, ó sì lè jẹ́ pé ó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Èmi náà máa ń ṣe méjèèjì.

---

Ọmọ Fọlágbádé

Jagunjagun, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ìlà kóòdù yín yẹn, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo sá irú rẹ̀, détábéèsì kọ̀ ọ́ torí pé àwọn nọ́ńbà méjì-méjì ti wà nínú tábìlì tẹ́lẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ wá wọn yọ, kí n sì mọ èyí tí mo fẹ́ fi sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé bí mo ṣe yan èyí tí mo fi sílẹ̀, láìjẹ́ pé mo gbàgbé nǹkan kan lójú ọ̀gá yẹn?

---

Jagunjagun Kóòdù

Ẹ ti wá rí mi báyìí. Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń jẹ ìkọ́kọrẹ́.